Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Ẹgbẹ́ Àdúgbò, Sátidé, Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹta, Ọdún 2026

Ibi ìpàdé: gbọ̀ngàn àdúgbò, àti orí fídíò.
Ìwé ìpè sọ aago 4:00 ìrọ̀lẹ́. Ojúlé 7 péré ló tíì dé nígbà náà, 8 ló sì gbọ́dọ̀ pé nínú 12. Ojúlé 10 wọlé ní 4:06, Alága sì ṣí ìpàdé.

Àwọn tó wá

Nínú gbọ̀ngàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: Ojúlé 1 (Alága), 2 (Akọ̀wé), 4, 7 (Akápò) àti 9.

Lórí fídíò:
- Ojúlé 3: 3:58 sí 4:38. Wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n tó lọ.
- Ojúlé 5: 4:00 sí 4:41, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, wọ́n padà ní 4:49, wọ́n sì wà títí dé òpin.
- Ojúlé 8: 4:17 dé òpin. Kámẹ́rà wọn kò ṣiṣẹ́.
- Ojúlé 10: 4:06 dé òpin. Tọkọtaya lórí fóònù kan. Ènìyàn méjì, ìbò kan.

Ojúlé 6 àti 12 ránṣẹ́ pé àwọn kò ní lè wá. Ojúlé 11 kò wá, kò sì ránṣẹ́.

Àlàyé lórí Ojúlé 8: fóònù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Galaxy A14" ti wà lójú ẹ̀rọ láti 4:02, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò dáhùn nígbà tí a pè é. A kò kà á. Ní 4:17 ni Ìyá Ojúlé 8 tó dáhùn. Akọ̀wé pe nọ́ńbà wọn tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́, gbogbo wa sì gbọ́ ohùn wọn níbi méjèèjì. Láti ìgbà yẹn ni a ti kà wọ́n.

1. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ 14, oṣù kejì

Bàbá Ojúlé 9 tako ojú ìwé kìíní: a kọ ọ́ pé Ojúlé 8 wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ fóònù kan náà yìí nìkan la rí. Ìyá Ojúlé 8 fúnra wọn jẹ́rìí pé ọmọ àwọn ló ṣí i, àwọn kò sí nílé. A yọ wọ́n kúrò. Iye ojúlé tó wá di 8 dípò 9, nítorí náà ìpinnu ọjọ́ náà ṣì dúró. Ojúlé 4 dábàá kí a gba àkọsílẹ̀ náà wọlé pẹ̀lú àtúnṣe yìí, Ojúlé 10 kín in lẹ́yìn. A gbà á.

(Ìpàdé dúró díẹ̀ ní 4:21: ohùn ń hó nítorí pé Akápò ṣí fídíò lórí fóònù tirẹ̀ nítòsí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn. Ó pa á, híhó náà sì dáwọ́ dúró.)

2. Ẹ̀rọ tó ń fa omi

Àbá àkọ́kọ́ ni pé kí a ra tuntun. Ojúlé 4 ní kí a kọ́kọ́ pe oníṣẹ́ kó tú ti àtijọ́ wò, nítorí pé ó ṣì ń dún bí wọ́n bá tàn án. Bí wáyà inú rẹ̀ bá ti jó ni ká ra òmíràn. Ojúlé 1 kín in lẹ́yìn.

A bẹ̀rẹ̀ ìbò ní 4:40. Ojúlé méjì ti dìbò kí Ojúlé 5 tó já ní 4:41. Ojúlé 3 ti lọ, nítorí náà ó ku 7, Alága sì dá ìbò dúró. Ojúlé 5 fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù Akọ̀wé pé "bẹ́ẹ̀ ni" ni tàwọn. Alága kọ̀ ọ́: kì í ṣe inú ìpàdé ló ti wá, wọn kò sì gbọ́ àbá náà bí a ṣe tún un kà. Nígbà tí wọ́n padà ní 4:49, a tún àbá kà, a fagi lé ìbò méjì àkọ́kọ́, a sì pe ojúlé níkọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ni: 1, 2, 4, 5, 8, 10. Bẹ́ẹ̀ kọ́: 9. Akápò (7) kò dìbò, torí pé ìbátan rẹ̀ wà lára àwọn oníṣẹ́ tí a fẹ́ pè. Àbá wọlé, 6 sí 1. Ojúlé 4 ni yóò pe oníṣẹ́, kó tó di ọjọ́ 28, oṣù kẹta.

3. Ìforúkọsílẹ̀ lórí fídíò

A fẹnu kò pé:
- Nọ́ńbà ojúlé ni kí kálukú fi ṣe orúkọ tó ń hàn lójú ẹ̀rọ.
- Ojúlé 9 ni yóò máa ṣọ́ ojú ẹ̀rọ, yóò sì máa kọ aago tí ẹnikẹ́ni bá wọlé tàbí jáde. Akọ̀wé kò lè máa kọ ọ̀rọ̀ kó tún máa ṣọ́nà.
- Akọ̀wé yóò ya àwòrán ojú ẹ̀rọ níbẹ̀rẹ̀, kí ìbò kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tí ìpàdé bá parí.

4. Ọ̀rọ̀ mìíràn

Kò sí.

Ìpàdé parí ní 5:12. Èyí tó kàn: Sátidé, ọjọ́ 11, oṣù kẹrin, aago 4:00 ìrọ̀lẹ́; fídíò yóò ṣí ní 3:45.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ (Ojúlé 2) ló kọ ọ́. Alága yóò fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí ìpàdé bá ti gbà á wọlé.