Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ìyá Kẹ́hìndé

Àjàṣẹ́, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025

Sí Ìyá Kẹ́hìndé, agbowó ilé ìtẹ̀wé wa,
Ní ilé ẹbí wọn, Kétu.

Ìyá Kẹ́hìndé wa,

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kú ìrọ́jú.

Àárọ̀ àná ni ẹ̀gbọ́n yín pè wá lórí fóònù pé Màmá jáde láyé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, pé wọ́n sì ti sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀ nìyẹn, a ò lè bá a wí. Síbẹ̀, ó dùn wá pé wọ́n wọ káà ilẹ̀ lọ láìsí ẹyọ ẹnì kan nínú wa níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé yàrá ẹ̀rọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ pa ẹ̀rọ fúnra wọn, kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn. Bàbá Ràsákì ló gba àdúrà.

Àwọn kan á máa sọ fún yín pé ẹni ọdún 78 ti gbó, ó ti tọ́, ó ti rí ọmọ-ọmọ, kí ẹ má sunkún. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n àwa ò ní bá wọn sọ ọ́. Ẹ sunkún ìyá yín dáadáa.

Àwa náà mọ̀ wọ́n níwọ̀nba. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n wá kí wa lẹ́yìn ọdún Iléyá? Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn láti Kétu, wọ́n sì di ẹran ọdún sínú abọ́ tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. A ní kí wọ́n wọ ọ́fíìsì, wọ́n kọ̀. Orí bẹ́ǹṣì ọlọ́dẹ lẹ́nu géètì ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹni tó ń jí ọmọ àwọn ní ìdájí. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ni mo jáde, tí mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ìwọ náà kò kúkú sanra. Ẹ jọ ń jìyà ni.” Títí dòní, bí iṣẹ́ bá wọ̀ wá lọ́rùn, ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń sọ síra wọn nìyẹn: ẹ jọ ń jìyà ni. A ó ṣì máa sọ ọ́.

Ní ti iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ àpótí owó tí ẹ fi rán Kẹ́hìndé ti dé ọwọ́ wa. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú, tó tún ń ro ti kọ́kọ́rọ́! Ìwà yín ni, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó tó gẹ́ẹ́. Bàbá Ràsákì ti gba ìwé owó, òun ni yóò máa bójú tó o. Lóòótọ́, ìgbà ìwọlé àwọn ọmọ iléèwé ni a wà yìí, ìwé àjákọ ń lọ bí omi, àmọ́ a ó rọ́gbọ́n dá sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín láti béèrè iye tí oníbàárà kan jẹ, ẹ má gbé e. A ti kìlọ̀ fún wọn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ni a ń retí yín. Owó oṣù yín kò ní dín ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ọjọ́ náà kò tó, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ ò nílò àlàyé. Ìwé ẹ̀rí ikú tí a máa ń béèrè láti ọ́fíìsì ìlú, ìgbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ mú un wá.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, tí í ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, a ń bọ̀ ní Kétu. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ yóò gbéra ní agogo 6 àárọ̀, a ó gba Ìsàkété àti Ìpobẹ́ kọjá, kí a lè dé kí àwọn ààfáà tó jókòó. Èèyàn 14 ló ti fi orúkọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí tiwa fi kún oúnjẹ. Omi tútù tó wa. Ìyá Rúkà yóò fi àpòòwé méjì lé ẹ̀gbọ́n yín lọ́wọ́: 150.000 sẹ́fà láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́, àti 85.500 tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín dá jọ. Ìnáwó òkú kì í kéré, a mọ̀. Ẹ fi èyí kún un.

Ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ kí àwọn àbúrò, ẹ kí Bàbá Kẹ́hìndé tó dúró tì yín. Kí Ọlọ́run forí jin Màmá, kí ilẹ̀ dẹ̀ fún wọn, kó sì jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. Ọjọ́ á jìnnà síra o.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá ilé iṣẹ́, lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Kẹ́hìndé dúró dè wá lẹ́nu Àkàbà Ìdènà ní nǹkan bí agogo 9, kó lè mú wa dé ilé. Awakọ̀ wa kò mọ àdúgbò náà.