Ìwé Ìfiṣẹ́lé-ni-lọ́wọ́: Iṣẹ́ Tó Ń Kó Dátà Láti Ètò Òṣìṣẹ́ Lọ Sínú Ètò Owó Oṣù

Ẹlẹgbẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọwọ́ yín ni àwọn iṣẹ́ mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ lóru lórí sáfà wa ní Ìbarà yóò wà. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn nìyí:

```
0 1 * * * /opt/sync/osise.sh
30 1 * * * /opt/sync/banki.sh
0 2 * * * /opt/sync/wakati.sh
```

Aago UTC ni sáfà náà ń lò, nítorí náà aago kan rẹ̀ ni aago méjì òru ní Abẹ́òkúta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da títò wọn rú, nítorí pé osise.sh ló ń fi orúkọ òṣìṣẹ́ tuntun sílẹ̀, bí kò bá sì tíì parí, banki.sh kò ní rí ẹni tí yóò so àkáǹtì mọ́.

banki.sh ni kí ẹ máa fojú sí jù lọ. Dígíìtì 10 ni nọ́ńbà àkáǹtì báńkì ní Nàìjíríà máa ń ní, òdo ló sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́ bá ṣí fáìlì nọ́ńbà àkáǹtì wọ̀nyí nínú Excel, tó sì tún un tọ́jú, òdo iwájú á pòórá: 0123456789 á di 123456789. Iṣẹ́ náà kì í gba irú rẹ̀ wọlé. Inú `/opt/sync/ko/` ló ń to wọ́n sí. Ẹ má ṣe fọwọ́ fi òdo kún un o, nítorí ó lè jẹ́ dígíìtì àárín ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fò, owó ẹni ẹlẹ́ni ni yóò sì gbé lọ. Ẹ dá a padà fún ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kí wọ́n yẹ ìwé báńkì rẹ̀ wò.

Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ la fi ń mọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe orúkọ. Obìnrin tó ṣègbéyàwó lè yí orúkọ padà, lójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, Adébáyọ̀ tó ní àmì ohùn àti Adebayo tí kò ní in kì í ṣe ẹnì kan náà.

Owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Orí wọn ni ètò owó oṣù ti ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti 10 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2014 ṣe là á sílẹ̀.

Bí iná bá lọ tí iṣẹ́ sì já láàárín, ẹ lè tún osise.sh àti banki.sh ṣe láìséwu. Ní ti wakati.sh, ẹ kọ́kọ́ pa àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà rẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wákàtí àṣekún á di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ 20 oṣù, ẹ̀ka ìṣúná á ti ti owó oṣù pa. Àtúnṣe tó bá dé lẹ́yìn náà di ti oṣù tó ń bọ̀, àfi bí ọ̀gá ìṣúná bá fọwọ́ sí i lórí ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀: òṣìṣẹ́ méjì tó kúrò tí wọ́n sì padà wá ní nọ́ńbà méjì-méjì. Mo ti dá nọ́ńbà àtijọ́ wọn dúró. Ẹ bá mi bi ẹ̀ka òṣìṣẹ́ èyí tí wọ́n fẹ́ kí a máa lò kí ọjọ́ 20 tó pé.