Ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá Ṣadé

Oṣù kẹta ìyanṣẹ́lódì ni owó ọwọ́ Délé tán pátápátá. Sáà kan ṣoṣo ló kù kó jáde ní yunifásítì. Àwọn olùkọ́ ní àfi bí ìjọba bá mú àdéhùn ṣẹ, ìjọba ní kò sówó. Kò sẹ́ni tó bi Délé.

Aṣọ fífọ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Báàgì aṣọ mẹ́fà ló gbà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní ọ̀nà ti là nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kejì ló ki ìborùn pupa kan bọ omi gbígbóná pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun Bàbá Ṣadé. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó máa fà á jáde, kọ́là nìkan ló ṣì jọ funfun, gbogbo ara yòókù ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó fi ọṣẹ bó o lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó da bílíìṣì sí i, bílíìṣì fi pupa náà sílẹ̀, ó sì jẹ òwú abíyá rẹ̀ já.

"Délé, ṣẹ́ẹ̀tì mi dà?"

"Ẹ má bínú, sà. Màá san án."

"Kí lo fẹ́ fi san án?"

Ìbéèrè yẹn ló lé e dé ọ̀dọ̀ bíríkìlà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ru búlọ́ọ̀kù. Lọ́jọ́ karùn-ún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó débi pé kò lè di ṣíbí mú, ọ̀gá bíríkìlà wò ó, ó ní, "Akọ̀wé, máa lọ sílé." Owó tó kó bọ̀ ò tó ìdajì ṣẹ́ẹ̀tì.

Bàbá Ṣadé ka owó náà, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó dá a padà. Ó ju ṣẹ́ẹ̀tì náà lé e. "Gba èyí pẹ̀lú, èmi ò lè wọ̀ ọ́. Ìṣirò ń dààmú ọmọ mi. Máa kọ́ ọ títí gbèsè ẹ á fi tán. Lẹ́yìn náà, màá máa sanwó."

Ṣadé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kọ̀ jálẹ̀ pé 1/2 kò lè ju 1/4 lọ.

"Mẹ́rin ju méjì lọ, bùrọ̀dá. Ẹ̀yin náà ẹ kà á."

Délé ya abala ìwé méjì tó dọ́gba. Ó ní kó ká ọ̀kan sí méjì, kó ká ìkejì sí mẹ́rin, kó sì gé wọn. Ọmọ náà gbé ègé kékeré lé ńlá. Ó yí i sódì kejì, bóyá á tóbi sí i.

"Àṣé bí àwọn tó ń pín in bá ṣe pọ̀ tó ni tèmi á ṣe kéré tó?"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ni."

Kí oṣù kan tó pé, ọmọ mẹ́rin mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ ọn. Owó ibẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ó ń wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ní oṣù keje, rédíò Bàbá Ṣadé gbé e látinú yàrá: ìyanṣẹ́lódì ti parí. Bírò Délé dúró lórí ìwé.

"Ẹ máa lọ ni, bùrọ̀dá?"

"Lọ́jọ́ Ajé."

"Ṣùgbọ́n fífi ìdá pín ìdá ò tíì yé mi."

Délé ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ́súrẹ́sú náà sókè. "Ya ìwé kan wá."