Mílíọ̀nù 24: Ọ̀rọ̀ Alẹ́ Ìkówójọ fún Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọmọ Tí Oṣù Wọn Kò Pé

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ̀yin òbí tí ẹ ti fìgbà kan bá wa ṣòru ní wọ́ọ̀dù, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó. Oúnjẹ tí ẹ jẹ á gba ibi ire.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iye owó tí a ń wá, kó má baà jẹ́ pé mò ń sọ̀rọ̀, ọkàn yín ń bi yín pé, "Èló gan-an ni màmá yìí fẹ́ dá lé wa?" Mílíọ̀nù 24 náírà ni. Àwa òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn àtàwọn òbí tí ọmọ wọn ti gba ọwọ́ wa kọjá ti dá mílíọ̀nù 6. Ó ku mílíọ̀nù 18. Mílíọ̀nù 18 yẹn la torí ẹ̀ pè yín.

Mo mọ̀ pé iye yẹn máa ń ba èèyàn lẹ́rù. Ó bà mí lẹ́rù lọ́jọ́ tí a jókòó ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí ẹnì kan dá a gbé. Tábìlì 15 ló wà nínú gbọ̀ngàn yìí, èèyàn 10 ló jókòó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Tí a bá pín in, ₦1,200,000 ló kan tábìlì kan, ₦120,000 ló kan ẹnì kan. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ fún wa sì ti fọwọ́ síwèé pé òun á kó gbogbo ẹ̀rọ wá nísinsìnyí, ká máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 12. Ìyẹn ni pé ₦10,000 lóṣù, fún ọdún kan, kó sì parí. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ibi tí owó náà ń lọ.

Ọmọ tí a bá bí kí oyún rẹ̀ tó pé ọ̀sẹ̀ 37 la ń pè ní ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. A máa ń gba àwọn tó wá ní ọ̀sẹ̀ 34, ara wọn a sì tètè yá. Àwọn tó ń gbé wa lọ́kàn sókè ni àwọn tó wá ní ọ̀sẹ̀ 28, 29, 30. Ohun kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, ó ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ ṣe ń ṣe lára omi: òun ló ń jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ tí wọn kì í lẹ̀ mọ́ra. Ara ọmọ tó tètè dé kò tíì ṣe nǹkan yìí tó. Bó bá mí síta tán, àwọn àpò náà á pa dé, á tún fi gbogbo agbára ṣí wọn kó tó lè mí sínú. Ẹ wo ọmọ tí kò wúwo tó báàgì súgà ńlá kan tó ń ṣe wàhálà yẹn ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́ jù, á dákẹ́ mímí.

Ẹ̀rọ tó ń ràn án lọ́wọ́ kò ṣòro láti lóye. Ó ń rọra fi afẹ́fẹ́ sí imú ọmọ láìdáwọ́dúró, kí àwọn àpò yẹn má baà pa dé. Òpin kejì ọ̀pá rẹ̀ wọ inú ìgò omi, bó bá ṣe jìn tó nínú omi ni agbára afẹ́fẹ́ náà ṣe máa pọ̀ tó. Sẹ̀ntímítà 5 la sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà á wá máa mú omi inú ìgò hó. Tí mo bá wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀, híhó omi yẹn ni mo kọ́kọ́ ń tẹ́tí sí, kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Ẹyọ kan péré la ní. Mẹ́rin la fẹ́ rà kún un, owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń bá a rìn jẹ́ mílíọ̀nù 8.

Ẹ̀rọ mẹ́ta tó ń yọ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí jẹ́ mílíọ̀nù 4 àtààbọ̀. Ó máa gbà wá lọ́wọ́ gbígbé àgbá ọ́síjìn lọ, gbígbé e bọ̀.

Iná aláwọ̀ búlúù mẹ́ta jẹ́ mílíọ̀nù 3. Ti àwọn ọmọ tí ojú àti ara wọn ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ wọn ò tíì gbó tó láti kó ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ dà nù, ìdọ̀tí náà sì lè ba ọpọlọ jẹ́ tó bá pọ̀ jù. Iná yẹn ń tú u palẹ̀ láti ara awọ ọmọ. Ọmọ ò ní jẹ ìrora kankan, á kàn sùn lábẹ́ iná ni.

Ẹ̀rọ kékeré márùn-ún tí a ń so mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ láti mọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 1. Èyí lè dà bí ohun tí kò ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ọ́síjìn tó pọ̀ jù lè ba ojú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé jẹ́ títí tí kò fi ní ríran mọ́. Láàárín 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún la fẹ́ kó wà. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ yìí, ojú lásán ló fi ń díwọ̀n rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú lásán díwọ̀n nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn mọ́.

Mílíọ̀nù 7 àtààbọ̀ tó kù ni owó bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì iná oòrùn. Níbí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí mo ti rí i pé gbogbo èèyàn ló máa ń fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí ọmọ mí, kì í sábà sẹ́ni tó fẹ́ ra bátìrì.

Lóru ọjọ́ kan, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dìde. Ọmọbìnrin kan wà lórí ẹ̀rọ, gíráàmù 1,100 ni ìwọ̀n rẹ̀. Omi inú ìgò dákẹ́. A gbé àpò rọ́bà tí a ń fọwọ́ tẹ̀, a fi bo imú àti ẹnu rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń kà á: ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan, má tẹ̀ ẹ́ le jù, má jẹ́ kó pẹ́ jù. Nígbà tí ọwọ́ tirẹ̀ kú tipiri, mo gbà á. Nígbà tí tèmi kú, ó tún gbà á. Ìṣẹ́jú 55 la fi ṣe é kí iná tó dé. Ọmọ náà ń bẹ, ó ti ń sáré kiri inú ilé báyìí. Ìyá rẹ̀ jókòó láàárín yín, ó ní kí n sọ ọ́, kí n má ṣáà ti dárúkọ òun. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni pé ọmọ kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀rọ lóru ọjọ́ náà, àwa méjì la wà lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá jẹ́ ọmọ mẹ́ta ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ wa fi fẹnu kò pé bátìrì la máa kọ́kọ́ rà, kódà bí owó ò bá pé.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ohun tí kò gba owó, a ti ń ṣe é. Àwọn dókítà kan ní ìlú Bogotá, lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lé àyà ìyá rẹ̀, ara sí ara, lọ́dún 1978, nítorí ibùsùn olóoru ò tó wọn. Àyà ìyá ń mú ọmọ móoru, ó ń jẹ́ kó lè mu ọmú, ó sì ń dín àìsàn kù. Àwọn ìyá ń ṣe é ní wọ́ọ̀dù wa tọ̀sán-tòru, àwọn bàbá náà ń ṣe é. Owó tí a ń wá yìí wà fún ohun tí àyà ìyá kò lè ṣe.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa ṣe é. Káàdì funfun kan àti bíírò wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Ìlà mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Èkínní, ₦10,000 lóṣù fún oṣù 12. Èkejì, ₦120,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta, iye mìíràn tó bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ fàmì sí ẹyọ kan, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín, ẹ fi sínú àpòòwé, ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ san lálẹ́ òní, nọ́ńbà àkáǹtì wọ́ọ̀dù wà lẹ́yìn káàdì náà, ẹ sì lè pe èyíkéyìí nínú àwọn ọ̀dọ́ tó so rìbọ́nù búlúù mọ́wọ́, wọ́n á gbé ẹ̀rọ káàdì wá bá yín lórí ìjókòó. Ẹni tó bá mú ti oṣooṣù, a ó fi ọ̀rọ̀ kékeré kan ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ kìíní oṣù, ẹyọ kan péré, a ò ní máa pè yín léraléra. Tí nǹkan bá yí padà fún yín láàárín ọdún, ẹ kàn fèsì pé ẹ fẹ́ dáwọ́ dúró. A ò ní bi yín ní ìdí.

A ò ní pe orúkọ ẹnikẹ́ni lórí makirofóònù, a ò sì ní ka iye tí ẹnikẹ́ni fi sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: tó bá jẹ́ ₦2,000 lapá yín ká, ẹ kọ ọ́ sí ìlà kẹta láìtijú. Tí Ọlọ́run bá sì ti bùn yín débi tí ẹ fi lè gbé ti tábìlì yín lódindi, ₦1,200,000, mò ń bẹ̀ yín, ẹ gbé e, torí àwọn kan wà níbí tí ₦10,000 lóṣù á ni lára, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ká pé. Ẹni tí kò bá rọrùn fún rárá lásìkò yìí, ẹ fi káàdì yín sínú àpòòwé lófìfo. Gbogbo àpòòwé ló dọ́gba, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la ó máa fi ìṣirò ránṣẹ́ sí yín: ohun tó wọlé, ohun tí a rà, ohun tó kù. Ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù sì ṣí sílẹ̀ fún yín láti wá wo ẹ̀rọ tí ẹ fowó yín rà. Ẹ kàn máa fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ̀yin náà á rí i pé a ò ní gbà fún yín bẹ́ ẹ bá fo ìyẹn.

Mo fẹ́ fún yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún báyìí. Mi ò ní sọ̀rọ̀, kò sí orin. Àwọn ọ̀dọ́ máa wá gba àpòòwé, a ó kà á ní yàrá ẹ̀yìn, màá sì padà wá sórí pèpéle yìí kẹ́ ẹ tó lọ, láti sọ iye tó ku nínú mílíọ̀nù 18 náà fún yín. Ẹ ṣeun. Ẹ mú bíírò yín.