Àlàyé lórí owó fíríìjì agbára oòrùn fún Ẹ̀ka Abẹ́rẹ́ Àjẹsára

Ẹ̀ka wa ń béèrè ₦4,600,000 láti ra fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára kan tó ń lo agbára oòrùn; owó ọkọ̀ àti owó àwọn tí yóò gbé páńẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé ti wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọ̀nyí kò gbọdọ̀ kúrò láàárín dígírì 2 sí 8, bẹ́ẹ̀ iná ìjọba kì í tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ lọ́dọ̀ wa. Jẹnẹrétọ̀ la gbójú lé: epo rẹ̀ ń gba ₦96,000 lóṣù, ìyẹn ₦1,152,000 lọ́dún, láìka owó mẹkáníìkì. Lóṣù kẹta, ó kọṣẹ́ lóru Sátidé. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn fíríìjì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, dígírì 17 ni tẹmómítà ń kà. Gbogbo ìgò abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ la kó dànù. Àwọn ìyá tó pọn ọmọ wá láti abúlé padà lọ́wọ́ òfo, àwọn mìíràn ò sì tíì yọjú mọ́ títí di òní. Owó epo tí a ó dá dúró nìkan yóò pé iye tí a fẹ́ ná yìí kí ọdún kẹrin tó parí. Jẹnẹrétọ̀ tuntun ìbá dínwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo náà ni yóò tún máa mu.