Bí Òjò Bá Rọ̀: Ètò Kejì fún Ọjọ́ Mẹ́ta Wa l'Ékòó

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìmúra. Ètò tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ṣì dúró, ṣùgbọ́n oṣù kẹfà la mú, oṣù tí òjò máa ń pọ̀ jù l'Ékòó, ìta gbangba sì ni ọ̀pọ̀ ibi tá a fẹ́ lọ. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni màá máa sọ èyí tá a ó ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì jáde ní Yábàá kí ẹ tó gbọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, Lẹ́kí Kọnsafésọ̀n. Afárá orí igi ibẹ̀ gùn tó mítà 401, ó sì máa ń mì bí èèyàn bá ń rìn lórí rẹ̀. Bí pátákó rẹ̀ bá ti tutù, Màámi ò gbọdọ̀ gùn ún, èmi náà ò sì ní jẹ́ kí àwọn ọmọ gùn ún. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tá a débẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀, ká yà sí gálẹ́rì Màmá Nìkẹ́ ní Lẹ́kí níbẹ̀. Ilé alájà púpọ̀ ni, àwòrán kún un láti ìsàlẹ̀ dókè, a lè lo wákàtí méjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, tí kò sì dá, ẹ má jẹ́ ká sọdá afárá lọ sí Lẹ́kí rárá. Omi máa ń dúró lójú títì Lẹ́kí, gòsílóò á sì gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ wa. Ìkẹjà la máa lọ, sí ilé Fẹlá ní òpópónà Gbémisọ́lá, tí wọ́n sọ di mùsíọ́mù ní 2012. Yàrá rẹ̀, bàtà rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹsẹ̀ la fẹ́ fi rìn, láti Káńpọ̀ọ̀sì dé Mọ́sáláásí Ṣítà-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Bí òjò bá dé, ká kọjá sí Oníkan, kò jìnnà. Mùsíọ́mù ìjọba wà níbẹ̀ láti 1957, ọkọ̀ tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní 1976 sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí ihò ọta náà. Èmi fúnra mi fẹ́ èyí ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, Tákwá Bèé. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀. Ìjì tàbí òjò, a ò lọ, bó ti wù kí ọlọ́kọ̀ sọ pé kò séwu. Ilé Fẹlá la máa fi dípò. Bá a bá ti lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀dọ̀ Àǹtí ní Sùúrùlérè ni, ẹ̀wà àgànyìn ti wà lórí iná.

Kí kálukú mú ọ̀rá fún fóònù àti sílípáàsì tí kì í yọ̀. Owó danfó máa ń gbówó lórí bí òjò bá ń rọ̀, ẹ mú owó kéékèèké dání.