Sí gbogbo súpáfáísọ̀ ṣífítì: òfin ààbò tuntun àti ohun tó máa yí padà lórí fúlọ́ọ̀

Láti ọ́fíìsì ààbò, fáktìrì Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mánéjìmẹ́ńtì ti fọwọ́ sí òfin ààbò tuntun, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀, láti ṣífítì àárọ̀. Ìwé ẹ̀ gùn, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa jókòó kà á tán láàárín ariwo ẹ̀rọ, ìyẹn ni mo ṣe kọ eléyìí. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó wá sí mítìnì Fúráídè, ìbéèrè la fẹ́ gbọ́ níbẹ̀.

Èyí tó tóbi jù ni ti àgádágodo. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí: iná á lọ, kírọ́ṣà á dúró pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu, ọpirétọ̀ á ní òun fẹ́ tètè yọ ọ́ kí wọ́n tó tan jẹ́nẹ́, ó ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó wà nídìí ṣéńjóvà ò rí i, ẹ̀yìn ògiri lòun wà, tí jẹ́nẹ́ bá sì gbé e, kírọ́ṣà tí ẹnikẹ́ni ò pa súwíìṣì ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí yí lójijì. Àwọn IBEDC náà kì í kúkú pè wá kí wọ́n tó mú iná dé. Torí náà, iná lọ ò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ti kú. Láti Mọ́ńdè, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ kírọ́ṣà, míksà tàbí ẹ̀rọ ìnjẹ́ṣọ̀n gbọ́dọ̀ pa súwíìṣì ńlá ẹ̀, kó fi àgádágodo tiẹ̀ tì í, kó fi páálí tó ní orúkọ ẹ̀ kọ́ ọ, kó ju kọ́kọ́rọ́ sápò ara ẹ̀, kó wá tẹ bọ́tìnnì sítáàtì wò bóyá nǹkan kan ṣì máa mira. Tí èèyàn méjì bá jọ ń ṣe é, àgádágodo méjì. Ẹni tó tì í náà ló máa ṣí i. Tó bá ti gbàgbé lọ sílé, ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ̀yin àti mẹ́ńtẹ́náǹsì yẹ inú ẹ̀rọ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó gé e. Ti ìnjẹ́ṣọ̀n tún yàtọ̀ díẹ̀, torí bárẹ̀ẹ̀lì ṣì máa gbóná gan-an lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa iná. Àwọn àgádágodo pupa wà ní sítọ̀, ẹ lọ sáìnì gba ti ṣífítì yín kí Sátidé tó kọjá.

Ti irin tí wọ́n fi bo ẹ̀rọ, òfin fáktìrì Nàìjíríà ti 1987 ti ní ká máa bo gbogbo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ, kì í ṣe tuntun. Tuntun ibẹ̀ ni pé tí kò bá sí lára ẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lè dá ẹ̀rọ dúró, kò sí kúọ̀rì. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń pariwo tágẹ́ẹ̀tì lé yín lórí, ẹ fún un ní nọ́ńbà mi.

Lórí ìfarapa, ẹ dákun ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Òfin owó gbà-má-bínú ti 2010 fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ pé òun farapa, tó bá sì ti sọ fún súpáfáísọ̀, ó ti sọ fún kọ́ńpìnnì nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó gbà-má-bínú yìí, létí láàárín ọjọ́ méje, bẹ́ ẹ bá wá gbé ọ̀rọ̀ pa mọ́ sínú, ọjọ́ á ti lọ lórí wa. Inú ṣífítì yẹn náà ni kẹ́ ẹ ti kọ ọ́ sí rẹ́jísítà. Kásùà wà nínú ẹ̀ o, òfin ò yọ wọ́n sílẹ̀. Àṣà ká fún èèyàn lówó oògùn kó sáìnì pé ọ̀rọ̀ ti tán, ó gbọ́dọ̀ dúró, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹni tó bá sì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí kò lè ṣiṣẹ́, ẹ tètè jẹ́ n gbọ́, torí a gbọ́dọ̀ sọ fún ìnsípẹ́kítọ̀ fáktìrì ìjọba. Tó bá le, FMC Ìdí-Àbà tààrà, inú mọ́tò ilé-iṣẹ́, kì í ṣe lórí ọ̀kadà.

Ìyókù ò pọ̀. Kò sí sílípásì mọ́, kò sí òrùka, irun gígùn wọnú fìlà, kẹ́nikẹ́ni má rìn nínú ìlà yẹ́lò fọ́kílífìtì. Kásùà tuntun ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí ẹ ó fi dúró tì í kọ́ ọ, kí ẹ̀yin méjèèjì sì sáìnì.

Mítìnì Fúráídè ní káńtíìnì: ṣífítì alẹ́, aago mẹ́fà àárọ̀, mi ò ní dá yín dúró pẹ́, àárọ̀ àti ọ̀sán, aago méjì. Ẹ mú rẹ́jísítà ìfarapa àtijọ́ dání, a máa fún yín ní tuntun.